Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá bisikíìtì yẹn dáadáa

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde. Àwa tá a wà ní Badagry, bisikíìtì tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, Faransé ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, ojú ẹ̀ á wú ni, ni mo bá ya fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀kan, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó gbọ́ Faransé. Ó ní òun ò rí ẹ̀pà láàárín èròjà o, àmọ́ ìlà tó kẹ́yìn, "Peut contenir", ìyẹn "ó ṣeé ṣe kó ní", ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ti wọnú ibi tí wọ́n ti lẹ ọ̀rá pọ̀, iná fóònù sì tún tàn bò ó. Mo pa fíláàṣì, mo na ọ̀rá yẹn, mo tún un yà: "arachide". Ẹ̀pà nìyẹn! Ká ní "fruits à coque" nìkan ló wà níbẹ̀ ńkọ́, kaṣú àti álímọ́ńdì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀pà. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ̀ ń lẹ sítíkà iye owó bo ìlà yẹn, ẹ dákun ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú.

Èmi ni, ìyá ọmọ kan ní Badagry.