Àṣàbí, gba fóònù lọ́wọ́ Àlàó

Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara

Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Àlàó ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ẹ ti padà sí Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, maṣíìnì rẹ á máa dún, o ó kàn máa wí pé "ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́." Mo ní kí n kúkú kọ ọ́, kí o lè kà á nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí Àlàó ń wò ni. N kò bá ọ wí o. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ télọ̀ máa ń dà ní Táńkẹ̀ tí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù gbóná, ọmọ oṣù 21 sì ń sáré láàárín wọn. Ẹni tó bá gbé fóònù fún un kí apá rẹ̀ má baà jóná, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó lò lọ́dọ̀ mi, ọdún 31 tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀. Kò lanu. Àpò mi ló ń tú, ó ń wá fóònù. Mo tan orin fún un, ẹnu là. Mo ń fi ṣíbí sí i, ó ń gbé e mì, kò wo ẹ̀kọ, kò wo èmi, kò sì mọ ìgbà tó yó. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò yíjú. Mo wá pa fóònù náà, mo jẹ́ kó sunkún títí tó fi rọlẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rọra pè é: ó yíjú kíá. Ara mi balẹ̀. Ká ní kò yíjú nígbà tí ilé dákẹ́ ni, tàbí pé kì í nàka sí ohun tó wù ú kí èmi náà lè wò ó, n bá ní kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, torí gbogbo ọmọ tí kò gbọ́ ìpè kọ́ ni fóònù dí létí.

Ohun tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ni ìdáhùn. Ọmọ á ní "mi." Ìwọ á ní "omi ni? Omi rèé." Òun á wo ẹnu rẹ, á ní "omi." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọlé. Orin inú fóònù kì í dúró gbọ́ ohun tí ọmọ wí; bó dáhùn, bí kò dáhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ ni. Àlàó lè kọ orin lẹ́tà òyìnbó dé ìdajì, ṣùgbọ́n tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ńṣe ló ń ké. Ọmọ tó bá fi máa pé ọdún 2 yẹ kó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi dà" tàbí "màmá wá." Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ ọ́ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, àti pé láti ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Èyí tí bàbá rẹ̀ bá fi ń pè é tí wọ́n jọ ń rí ojú ara wọn, má fi du ọmọ. Bàbá ń dá a lóhùn.

Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rèé. N kò dín in kù díẹ̀díẹ̀, mo gbé fóònù síbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ọjọ́ kìíní, ó sunkún tó ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fi orí gbá ilẹ̀, mo sì fi tìmùtìmù síbẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń sọ fún un pé "inú ń bí ọ, mo mọ̀." N kò fún un. Tí o bá fún un lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú ni yóò máa fi sunkún lọ́jọ́ iwájú. Lọ́jọ́ kẹrin, ilẹ̀ ṣú kó tó rántí béèrè. Lọ́sẹ̀ kejì, agogo mẹ́jọ alẹ́ ló ń sùn, ọmọ tó jẹ́ pé agogo mọ́kànlá ló máa ń sùn lọ́dọ̀ yín.

Báyìí, tí o bá fẹ́ jókòó sídìí maṣíìnì, kọ́kọ́ fún un ní ìṣẹ́jú 10 tìẹ pátápátá, láìgbé fóònù tìrẹ náà dání. Ọmọ tí ìyá ti bá ṣeré tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìyá ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹní fún un níbi tó ti lè rí ojú rẹ, jìnnà sí wáyà áyọ́ọ̀nù. Agolo mílíìkì tí mo fún un níbí, tí mo fi ọ̀bẹ la ojú sára ìdérí rọ́bà rẹ̀, ló fẹ́ràn jù. Gé àgékù ànkárá gbọọrọ bí ìka méjì, bíi mẹ́wàá. Á máa ki wọ́n wọnú agolo níkọ̀ọ̀kan, á máa fi ìka tì í, ètè rẹ̀ á yọ síta bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ òwú. Nígbà tó bá tán, á ṣí i, á dà á sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Pupa lo máa wí tó bá mú pupa.

Má retí wákàtí kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ lè fi dúró ti nǹkan kan. Nítorí náà, ohun 3 péré ni kí o kó síta lẹ́ẹ̀kan náà, kó àwọn tó kù pamọ́, kí o sì pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Tí o bá ń dáná alẹ́, fún un ní ewédú kó máa já a kúrò lára igi rẹ̀. Kò ní já a dáadáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ á dí.

Bọ́tìnì, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ìlẹ̀kẹ̀: má fi èyíkéyìí sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè wọ ẹnu rẹ̀ tán lè dí i lọ́nà ọ̀fun, mo sì ti yọ ẹ̀wà kúrò nímú ọmọ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ó fẹ́ràn omi bíbù láti kọ́ọ̀pù sí kọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n jókòó tì í, kí omi inú basíà má ju ìka kan ga lọ, kí o sì dà á nù kí o tó dìde. Omi tí kò kún basíà ti pa ọmọ rí.

Nígbà tó bá pé ọdún 2, tí o bá fẹ́ kó wò ó díẹ̀, jókòó tì í, pa èyí tó máa ń gbé fídíò mìíràn wọlé fúnra rẹ̀, kí o sì sọ fún un ṣáájú pé "orin méjì ló kù." Parí orin náà kí o tó gbà á, má gbà á láàárín.

Mo fi agolo náà àti àwọn kọ́ọ̀pù rọ́bà mẹ́rin rán awakọ̀ tó ń ná Ọ̀fà sí Ìlọrin, ó ní òun á dé gáréèjì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Fi ọwọ́ yí etí agolo náà ká kí o tó fún un, mo ti fi òkúta gbo ó, ṣùgbọ́n ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.