Ta ló ń kanlẹ̀kùn lóru?

Òkèsà, Iléṣà
Alẹ́ Ọjọ́ Ajé

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Mo ti pinnu pé n kò ní kọ̀wé sí ọ títí n ó fi parí ìtàn náà, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò jẹ́. N ó débẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ìtàn náà sùn ọ́, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn.

Ìtàn àlejò òru nì ni, èyí tí mo ti fi ń dá ọ lágara láti ọdún tó kọjá. Ojú ewé méjì gbáko ni mo kọ́kọ́ fi ròyìn abúlé: òkè, oko kòkó, òjò, ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ìyàwó mi kà á, ó ní, "Ìgbà wo lẹnìkan máa kanlẹ̀kùn?" Inú bí mi, mo jẹ iyán mi láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń pàlọ́ lè rọra bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ti dá a lóhùn pé "Ààlọ̀!", wọ́n ti jókòó tì í. Ẹni tó ń kàwé kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó lè pa ìwé dé kó lọ sùn. Mo bá gé ojú ewé méjèèjì dànù.

Síbẹ̀ kò dùn. Mo wọ agbádá dúdú fún àlejò náà, mo fi àpá sí i lójú, mo ní kí ajá máa hu. Bí mo ṣe ń dá ẹ̀rù kún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí egúngún tí àwọn ọmọdé fi àpò ìrẹsì ṣe. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ilé ni wàhálà wà. Bí kò bá sí ohun tó lè sọnù nínú ilé, omi ni àlejò máa mu, á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo wá fi obìnrin kan síbẹ̀, owó kòkó lábẹ́ ẹní rẹ̀, ọmọ méjì ń sùn. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni àlejò ń pè. Bó bá dákẹ́, àlejò á mọ̀ pé kò sọ́kùnrin nílé. Bó bá dáhùn, ohùn obìnrin ló máa gbọ́. Wò ó:

"Nígbà tí ọkùnrin náà pe Àjàyí lẹ́ẹ̀kejì, Àbẹ̀kẹ́ ti fẹ́ iná àtùpà pa. Ó gbàgbé pé òwú àtùpà máa ń rùn bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Ìta pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ẹnìkan fa imú lẹ́ẹ̀mejì níbi àlàfo ilẹ̀kùn. 'Ẹ ò tíì sùn,' ni ohùn náà wí."

O mọ̀ pé a kì í sáré jẹ́ ìpè òru. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ẹ̀kejì, kí òǹkàwé máa retí ẹ̀ẹ̀kẹta. N kò sì sọ pé Àjàyí ti kú. Bí mo bá là á sílẹ̀ níbẹ̀, ìròyìn lásán ló dà. Mo ti fi òṣùpá àrànmọ́jú síta tẹ́lẹ̀ o, kí n tó rántí pé Àbẹ̀kẹ́ á rí ojú ọkùnrin náà láti ojú fèrèsé, ìtàn parí. Mo pa òṣùpá náà.

Èsì ni mo há sí. Kí ni Àbẹ̀kẹ́ máa sọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í.

Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ti di yunifásítì, onílé wa sì ti gbọ́.

Lánàá mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún Màmá rẹ. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sí. Mo kanlẹ̀kùn, mo ní, "Màmá, èmi ni." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún kàn án. Ohùn Màmá jáde, ó le koko bí ti ọdọ́bìnrin: "Bàbá Délé wà lẹ́yìnkùlé, ó ń pọ́n àdá. Ta ni kí n sọ fún un pé ó ń pè é?"

Orí mi wú. Délé, ìwọ náà rántí. A jọ wà lábẹ́ ibùsùn lóru ọjọ́ náà, Bàbá rẹ kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ ni Màmá sọ, tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síta. Títí dòní a ò mọ ẹni tó wá.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti rù. A jẹ ẹ̀kọ, kò mẹ́nu bà á mọ́. Mo ní àgbà ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. O mọ Màmá. Àmọ́ lóṣù tó kọjá ó fi orúkọ bàbá rẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi rẹ́rìn-ín.

Ṣé o máa jẹ́ kí n fi gbólóhùn yẹn sẹ́nu Àbẹ̀kẹ́? Tiyín ni, kì í ṣe tèmi. Bí o bá ní rárá, mo máa wá òmíràn. Ìkejì, jọ̀ọ́, pè é. Má pè é láàárọ̀ tí ara rẹ̀ máa ń yá. Ìrọ̀lẹ́ ni, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ́dọ̀ wa. Fi etí ara rẹ gbọ́ ọ, kí o wá sọ fún mi bóyá kí n máa lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ká ẹní mi sílẹ̀.

Èmi ni,
Kúnlé