Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: mi ò bẹ̀ ọ́, mo kí ọ ni

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ tó o fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá tábìlì ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Torí ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbọ́ Yorùbá ni mo ṣe ní "sọ́rì" dípò "pẹ̀lẹ́." O di ẹsẹ̀ mú, o wò mí, o ní: "Kí lẹ wá ń bẹ̀ mí fún, àǹtí? Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun rèé.

Mi ò bẹ̀ ọ́, mo kí ọ ni. Ṣé o ti gbọ́ bí ẹni tó ṣubú ṣe máa ń ráhùn ẹni tó dákẹ́? "Kò tiẹ̀ kí mi pẹ̀lẹ́!" Kíkí ni wọ́n ń kí i, bí a ṣe ń kí ẹni tó bọ́ nínú ìjàǹbá pé ó kú ewu. "Má bínú" ni ẹ̀bẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ ló sì ni ín. Bí mo bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, tí mo ní "pẹ̀lẹ́" nìkan, wàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi, ojú rẹ ò sì ní rọ̀ títí màá fi ní "má bínú." Ṣùgbọ́n bí o bá fúnra rẹ kọsẹ̀, tí mo ní "má bínú," ṣe ni wàá máa wá ohun tí mo ṣe.

Sọ́rì ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún elédè Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó jẹ mọ́ ìrora ló ti jáde, kì í ṣe inú ẹ̀bi. Títí dòní, bí èèyàn bá kú, sọ́rì ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ṣọ̀fọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n pa á. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gbọ́. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn: ṣé kò sí o? Ìtọ́jú nìyẹn náà, mi ò kẹ́gàn rẹ̀, àmọ́ ó ń béèrè èsì lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan ń dùn. Pẹ̀lẹ́ ò béèrè nǹkan kan. O lè máa fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ lọ.

Àwọn tó ń sọ Swàhílì náà ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Pole" ni wọ́n ń kí ẹni tó gbá ẹsẹ̀, "samahani" ni wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé "polepole" wọn ni ká rọra ṣe é, bíi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tiwa gẹ́lẹ́.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, pẹ̀lẹ́ ni màá sọ, ẹnikẹ́ni tó wù kó wà níbẹ̀. Kí o bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ó dùn mí bó ṣe dùn ọ́ ni.

Èékánná tó dúdú yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń hù padà?

Èmi ni àǹtí rẹ.