Ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀sùn lórí gbèdéke ìjábọ̀ irin inú omi, nítorí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí wa lọ́wọ́

Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́rú.

Sí Olùkọ́ wa nínú Kẹ́mísìrì Àyẹ̀wò,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, sà. Èmi ni olórí ìsọ̀rí kẹta nínú kíláàsì yín, mo sì ń kọ lẹ́tà yìí lórúkọ gbogbo wa láti bẹ̀ yín pé kí ẹ sún gbèdéke ìjábọ̀ wa lórí irin inú omi kànga àti bọ́hòlù síwájú, kúrò ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ yìí, kí ó di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀rọ sípẹ́kítírò yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀sùn náà wà nínú lẹ́tà yìí, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ṣàdédé bàjẹ́ lójijì, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí kí ẹ tó ṣe ìpinnu.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ tí ẹ fún wa ni pé kí a mọ̀ bóyá irin inú omi tí àwọn ará àdúgbò ń mu ju mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan lọ, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi lélẹ̀. A bu omi kànga ní Ìgbógbó àti ní Báyékù, a sì bu ti bọ́hòlù ní Agric. Ti Agric yìí mọ́ gaara nígbà tí a bu ú, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kalẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìpẹtà sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, nítorí afẹ́fẹ́ ti bá irin tó yọ́ sínú omi náà pàdé. Ìdí nìyí tí a fi kán ásíìdì náítíríkì sínú gbogbo ìgò tí a fẹ́ gbé wá sí láàbù ní ojú ibi tí a ti bu omi náà gan-an, títí pH rẹ̀ fi wá sí ìsàlẹ̀ 2, kí irin náà má baà rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

Ní láàbù, a ṣe ohun tí ìwé ìlànà yín sọ. A fi háídírọ́síláámìnì yí gbogbo irin inú omi náà padà sí Fe²⁺, a da sódíọ̀mù asitéètì sí i kí ásíìdì náà lè rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni a da fẹnantirolíìnì sí i, omi náà sì pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n dáadáa. Bí irin bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà ṣe ń jinlẹ̀ tó, ẹ̀rọ ni yóò sì sọ bí ìmọ́lẹ̀ nánómítà 510 tí omi náà gbé mì ṣe pọ̀ tó. A kọ́kọ́ ka omi tí a ti mọ iye irin inú rẹ̀. Bíláǹkì, ìyẹn omi tí gbogbo èròjà wà nínú rẹ̀ tí a kò fi irin sí, fún wa ní 0.000, mílígíráàmù 1 nínú lítà fún wa ní 0.199, mílígíráàmù 2 fún wa ní 0.398, mílígíráàmù 4 sì fún wa ní 0.793. Nígbà tí a fi àwọn òǹkà yìí ya ìlà, ìlà náà tọ́ gbọnrangandan, ó sì fi hàn pé mílígíráàmù kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí 0.2 kún òǹkà. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ohun tó kọ wá lóminú.

Nígbà tí a dé orí omi kànga Ìgbógbó ni ọ̀ràn náà yọjú. Ẹ̀rọ kà á sí 0.072. Bí a bá fi ìlà wa ṣírò rẹ̀, mílígíráàmù 0.36 nínú lítà kan nìyẹn, ó sì ti kọjá òdiwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dá bíláǹkì padà sínú ẹ̀rọ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, dípò 0.000, 0.031 ló gbé jáde. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé iná inú ẹ̀rọ náà ti rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún láti ìgbà tí a ti fi í sí òdo. Ẹ̀rọ wa kò ní ojú kejì tí ó fi ń ṣọ́ iná ara rẹ̀, nítorí náà, bí iná bá ti rẹlẹ̀, yóò rò pé omi ló gba ìmọ́lẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ òun, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lé irin lórí. Bí 0.031 yẹn bá ti wà nínú òǹkà Ìgbógbó, 0.041 péré ló kù fún omi náà, ìyẹn nǹkan bí mílígíráàmù 0.2 nínú lítà. Omi kan náà, ìgò kan náà: òǹkà kan ní ó ti kọjá òdiwọ̀n, èkejì ní kò kọjá á.

Mo mọ̀ pé ẹ lè béèrè ìdí tí a kò fi yọ 0.031 náà kúrò kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. A rò ó, sà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a kò mọ ìgbà tí iná náà rẹlẹ̀. Ó lè ti rẹlẹ̀ kí a tó ka omi Ìgbógbó, ó lè jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. A fi ẹ̀rọ sí òdo lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n bíláǹkì kò dúró síbẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba lọ tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí kò dúró lójú kan kò ṣeé yọ kúrò nínú ìṣirò.

Tẹkinọ́lọ́jíìsì láàbù, tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn púpọ̀ fún sùúrù wọn, fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn wá. Wọ́n gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n fi í sí àyè tí a máa ń gbé kúfẹ́ẹ̀tì tí omi wà nínú rẹ̀ sí, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bò ó, wọ́n sì ní kí á wò ó láti òkè. Ó yẹ kí a rí àmì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó dúró digbí lára bébà náà. Ohun tí a rí ń ṣẹ́jú, ó sì ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pa iná yàrá kí a tó rí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé gílóòbù, gíláàsì rẹ̀ ti dúdú láti inú wá, nítorí wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀ ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó jẹ kúrò lára rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gílóòbù náà kú pátápátá, kò sì sí òmíràn ní ìpamọ́.

Ẹ̀sùn wa nìyí. Nígbà tí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, a rí i pé ìsọ̀rí tó lò ó ṣáájú wa ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíláǹkì kò dúró lójú òdo. Ẹnìkan buwọ́ lù ú, síbẹ̀ wọn kò ra gílóòbù, wọn kò sì lẹ ìwé kankan mọ́ ẹ̀rọ náà láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó láàbù wà nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa san, kò sì sí ẹni tí wọ́n gbà láyè kí ó wọlé láì san án. Kò tọ́ kí a san owó ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ bàjẹ́ lójú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí a tún wá pàdánù máàkì márùn-ún lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà fún iṣẹ́ tó bá pẹ́ ti wí. Mo sọ èyí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ni owó gílóòbù wà. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè bá wa sọ ọ́ níbi tí wọ́n á ti gbọ́.

Àwọn kan dámọ̀ràn pé kí a ya òǹkà ìsọ̀rí mìíràn. A kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí omi tiwọn kì í ṣe omi tiwa. A tún gbìyànjú láti fi ojú lásán wé àwọ̀ omi wa mọ́ ti omi tí a mọ iye irin inú rẹ̀, nínú túúbù gígùn tí a gbé ka orí bébà funfun. Ó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: a rí i dájúdájú pé ti Agric kọjá mílígíráàmù 1. Ṣùgbọ́n ojú wa kò lè ya 0.2 sọ́tọ̀ kúrò lára 0.36, àárín méjèèjì yìí gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín sì wà.

Ohun tó mú kí ẹ̀bẹ̀ wa rọrùn ni pé a kò nílò láti tún lọ bu omi. Omi tí a ti fi ásíìdì sí bẹ́ẹ̀ lè wà fún oṣù mẹ́fà kí irin inú rẹ̀ má yí padà, àwọn ìgò wa sì wà ní ìdérí nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù pẹ̀lú orúkọ lára wọn. Bí wọ́n bá ti fi gílóòbù tuntun sí i, a ó jẹ́ kí ó gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó sì ka omi mílígíráàmù 2 láti nánómítà 480 dé 540 ní márùn-ún márùn-ún, láti rí i pé nítòsí 510 ni òǹkà ti ga jù lọ, kí ó lè dá wa lójú pé ẹni tó fi gílóòbù sí i kò ṣí ohunkóhun nípò. Lẹ́yìn náà ni a ó tún ìlà wa fà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì máa ka bíláǹkì lẹ́yìn omi méjì méjì. Ọ̀sán kan tó iṣẹ́ yìí. Ìyókù ọ̀sẹ̀ náà wà fún ìṣirò àti ìkọ̀wé. Bí ó bá ṣeé ṣe kí láàbù so ẹ̀rọ náà mọ́ sitẹbiláísà, inú wa yóò dùn, nítorí fífò iná nígbà tí wọ́n bá yí i sí jẹnẹrétọ̀ lè tètè pa gílóòbù tuntun náà.

Abala àlàyé ọ̀nà iṣẹ́ àti ibi tí a ti bu omi ti parí. Bí ẹ bá fẹ́, a lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ Ẹtì kí ẹ lè rí ibi tí a bá iṣẹ́ dé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlànà kò gbà kí ẹ sún gbèdéke náà, a bẹ̀ yín kí ẹ gbà wá láyè láti fi òǹkà tó bàjẹ́ náà sínú ìjábọ̀ bí ó ṣe rí, kí ẹ sì fún wa ní máàkì lórí àlàyé wa nípa ìdí tí kò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ohun tí a kò lè ṣe ni kí a kọ 0.36 sílẹ̀ bí ẹni pé ó dá wa lójú.

Mo fi àwòrán ojú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà àti gbogbo òǹkà wa, pẹ̀lú àwọn tó fò sókè, ṣọwọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ó dúpẹ́ gidigidi bí ẹ bá lè fún wa lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, sà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olórí ìsọ̀rí kẹta.