Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ohun Tó Ṣẹ́ Kù Nínú Adágún Kan

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúrótì. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé, nígbà tí ẹja kún inú àwọ̀n tó báyìí lọ́jọ́ ìkórè, kí ló dé tí a kò dín owó kílò kan kù? Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣirò adágún àrọ̀ kan fún yín. Iye kílò ẹja tí a gbọ́dọ̀ tà ká tó lè san ìnáwó kọ̀ọ̀kan ni mo fi kà á.

1,000 ọmọ ẹja la dà sínú omi. Kílò 40 ló san owó wọn. 850 ni a wọ̀n lọ́jọ́ ìkórè, kílò kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ, àti èyí tí àwọn tó kú ti jẹ sílẹ̀, tó kílò 1,020, ó sì gba owó kílò 612 nínú ẹja náà. Ibẹ̀ lówó wọlé sí. Omi, iná, oògùn àti owó òṣìṣẹ́ gba 80. Nínú 850, ohun tó kù fún wa jẹ́ 118.

Ẹ ó rí i pé 150 ti dín nínú wọn. Òkú tí a ṣà lójú omi kò tó ìdajì wọn. Àrọ̀ kì í dàgbà dọ́gba: àwọn kan a yára tóbi, wọn a sì máa gbé àwọn kékeré mì, láìsí òkú tí èèyàn máa rí. Bí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ bá ń dín kù láìsí àìsàn, tí orí ńláńlá kan sì ń yọ láàárín àwọn tó kù, ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n láti kékeré.

Èyí tó kú ní kékeré kò dùn wá púpọ̀. Owó ọmọ ẹja àti oúnjẹ díẹ̀ ló bá a lọ. Èyí tó kú nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ká ní 50 irú rẹ̀ tún kú lọ́sẹ̀ ìkórè, 118 yẹn ì bá di 68.

Bí a bá wá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lórí owó kílò ńkọ́? Ẹja 850 yóò mú owó 765 wá, ìnáwó 732 kò sì ní yẹ̀. 33 péré ló máa kù, òun náà la ó sì fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ibi tí a ti lè ṣe é fún yín ni ọjọ́ ìkórè gan-an. Bí ẹja bá ti kọjá kílò kan, oúnjẹ tó fi ń ní ẹran sí i á máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ yẹn ti gba oúnjẹ ọjọ́ tó kù sílẹ̀ fún wa, a ó sì yọ ọ́ nínú owó tirẹ̀. Ẹ fi iye kílò tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ kí ìkórè tó dé.