Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ tó wà lára risíìtì owó ilé

Sí Olóòtú,

Iṣẹ́ àwa tí à ń bá onílé gba owó ilé ní Kàbà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ayálégbé á kó owó wá, a ó kà á lójú ara wa, onílé á sì já ìwé risíìtì fún un. Nísinsìnyí, àwọn onílé mìíràn wà ní Èkó tàbí Àbújá, àwòrán láti inú áàpù báńkì ni wọ́n sì ń gbà lórí Wáàsáàpù. Wọ́n á wo iye owó, wọ́n á rí "Successful", wọ́n á fèsì pé "Mo ti rí i, ẹ ṣé." Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ka orúkọ ẹni tó san án, orúkọ ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí owó náà rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí wáá kan àpò òṣìṣẹ́ báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó ń gbé ilé onílé lè mú ogún náírà nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé lórí, kó ṣáà má ju ₦500,000 lọ. Owó tó san gan-an ni kó sọ, kó sì ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti olùkọ́ kan tó ń gbé nínú ilé tí mò ń mójú tó. ₦180,000 ni owó ilé rẹ̀ lọ́dún. Orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú agirimẹ́ǹtì, orúkọ bàbá onílé náà sì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló fi owó náà ránṣẹ́ láti inú áàpù tirẹ̀. Bàbá onílé kì í lo báńkì orí fóònù, nítorí náà àkáǹtì ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fún wọn. Owó wọlé láìsí wàhálà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ nígbà tí olùkọ́ yìí fẹ́ lo risíìtì náà kí wọ́n lè yọ ₦36,000 rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò owó orí, orúkọ ọkọ ló wà níwájú "Sender", orúkọ ọmọ onílé ló wà níwájú "Beneficiary". Níwájú "Narration", "hse rent" ni ọkọ kọ, ó tán. Nínú àwọn méjì tó fọwọ́ sí agirimẹ́ǹtì, kò sí orúkọ ẹnì kan lórí ìwé yẹn. Lójú àlejò tó bá mú un dání, ọkùnrin kan ló fún ọkùnrin kan lówó.

Kò sí bí a ṣe lè tún "Narration" kọ lẹ́yìn tí owó bá ti lọ. Ohun tí a ṣe ni pé a ní kí bàbá onílé já risíìtì tirẹ̀ sórí ìwé: pé òun gba ₦180,000 owó ilé yàrá méjì fún ọdún 2026, ti ìyáàfin yìí, láti ọwọ́ ọkọ rẹ̀, gba inú àkáǹtì ọmọ òun. A kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì náà síbẹ̀, a kọ ọjọ́ tí owó rìn àti nọ́ńbà "Session ID", bàbá àtọmọ sì fọwọ́ sí i. A wá so ó pọ̀ mọ́ risíìtì áàpù. Ìwé méjèèjì ló ṣàlàyé ara wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tó dára jù ni kí ìyáàfin náà fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì ara rẹ̀. Bí ọkọ bá ṣì máa san án, kó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣáájú nínú "Narration", kó tó kọ iye yàrá àti ọdún, torí áàpù mìíràn máa ń gé ọ̀rọ̀ tó bá gùn.

Èyí tó burú ju ti ọkọ lọ ni ti oní-POS, ó sì pọ̀ ní Ìsánlú àti Mọ̀pà bó ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Ayálégbé á kó owó fún oní-POS pé kó bá òun fi ránṣẹ́ sí onílé. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù oní-POS ni yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó san án. Bí orúkọ ayálégbé kò bá sí nínú "Narration", kò sí níbì kankan nìyẹn. Ẹ dúró tì í, kí ẹ rí i pé ó tẹ orúkọ yín síbẹ̀ kó tó fi owó lọ.

Ọjọ́ ló kù. Risíìtì mìíràn máa ń ní ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí owó rìn, àti ọjọ́ tí wọ́n mú risíìtì náà jáde látinú áàpù, èyí tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹni tó sanwó ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó wá mú risíìtì jáde ní Ẹrẹ́nà lè mú kí onílé rò pé ó pẹ́ kó tó san án. Bí owó bá ti báńkì kan lọ sí òmíràn, "Session ID" máa ń gbé ọjọ́ náà sínú. Nọ́ńbà ọgbọ̀n ni. Bó ṣe máa ń rí nìyí (mo dá a kọ fún àpẹẹrẹ ni):

```
000016260103091542000012345678
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báńkì tí owó ti jáde. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, 260103, ni ọdún, oṣù àti ọjọ́: ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2026. Mẹ́fà tó tún tẹ̀ lé e ni aago: mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀, àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógójì. Bí òkè risíìtì bá sọ pé ọjọ́ kẹta Ṣẹ́ẹ́rẹ́, tí inú nọ́ńbà yìí wá ní 260217, àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pa pọ̀. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ bi í, kí ẹ sì ní kó fi risíìtì náà ránṣẹ́ tààrà látinú áàpù dípò àwòrán ojú fóònù. Owó tó ti inú báńkì kan lọ sínú báńkì yẹn náà lè má ní nọ́ńbà ọgbọ̀n yìí, ìyẹn kì í ṣe àmì èrú.

Bó ti wù kí risíìtì dán tó, ohun tó sọ ni pé owó jáde. Àkáǹtì onílé nìkan ló lè sọ pé ó wọlé. Kí onílé, tàbí ọmọ tó ni àkáǹtì, ṣí àkáǹtì náà fúnra rẹ̀, kó má fi aláàtì nìkan ṣe é, kó wo bóyá iye kan náà wọlé láti ọ̀dọ̀ orúkọ kan náà. Owó tí a fi ránṣẹ́ lóru lè hàn ní ọjọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá ìjà sílẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí, ẹ̀yin onílé, ni pé kí ẹ yé fèsì pé "Mo ti rí i." Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo gba ₦180,000 owó ilé ti ìyáàfin lágbájá fún ọdún 2026, tí ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ sínú àkáǹtì ọmọ mi."

Èmi ni tiyín,
Alábòójútó ilé kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.