Ìka mẹ́rin lórí èjìká

Kubwa, Àbújá

Àjàní ọmọ mi,

Mo ka ìtàn tí o fi ránṣẹ́, ti ọmọ iléèwé tó gé ẹni tó ń fòòró rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò kíláàsì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o tún ibi tó ti gé fọ́tò náà kọ.

O ní ọmọ 30 ló wà níbẹ̀, ó gé ẹyọ kan, ó ku 29. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Gígé lórí fóònù kì í fa ẹnì kan yọ láàárín èrò. Etí fọ́tò ló ń tì wọlé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni o tò wọ́n sí, mẹ́wàá-mẹ́wàá, afòòró náà sì lóṣòó ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú. Bí fọ́tò náà bá fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí 400. Tí ọmọ inú ìtàn rẹ bá ti gé 400 yẹn, àwọn méjì tó dúró lẹ́yìn afòòró bá a lọ nìyẹn. 27 ló kù. Jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjì náà jẹ́ ẹni tó máa ń bu kúlíkúlí fún ọmọ tó ń gé fọ́tò náà.

Òjìji náà ńkọ́? Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni o fi í sí, afòòró sì wà ní apá ìlà oòrùn. Oòrùn ò tíì ga nígbà yẹn, òjìji rẹ̀ á gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, á nà kọjá níwájú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ. Gígé ò ní kó o. Àmọ́ oṣù kìíní ni o kọ, eruku ọyẹ́ tó nípọn sì máa ń pa òjìji rẹ́. Gbé e sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí eruku ò sì tíì bo ojú ọ̀run.

Ọwọ́ ni olórí ọ̀rọ̀, ìlà kan péré lo sì fi kọjá rẹ̀. Onífọ́tò ní kí wọ́n sún mọ́ra, afòòró bá gba ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká kejì. Nígbà tí wọ́n bá gé afòòró dànù, ìka mẹ́rin á ṣì wà lórí èjìká yẹn, láìsí ẹni tó ni wọ́n. Jẹ́ kó fẹ fọ́tò náà lójú fóònù kó tó rí wọn. Bó bá ti tẹ Save copy nínú Google Photos, fọ́tò àkọ́kọ́ ṣì wà, ó lè gbé méjèèjì wò.

Kó wá fẹ́ gé àwọn ìka náà. Kó máa ti etí fọ́tò wọlé díẹ̀díẹ̀: èjìká tirẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ afòòró lọ, etí rẹ̀ lọ, ó kan ojú, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀. Dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, kí o má fi gbólóhùn kankan kún un.

Èmi ni,
Bàbá rẹ